Káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ «La M…» sí: ilé wo lèyí ní Àjàṣẹ́?

ỌmọWàǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nínú àpótí aṣọ ìyá mi àgbà ni mo ti rí káàdì kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé ránṣẹ́ láyé àwọn Faransé. Ilé ńlá kan ló wà lójú rẹ̀. Ilé gogoro kan wà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì, ògiri gíga sì wà láàárín wọn, pẹ̀lú àwọn fèrèsé tí orí wọn ṣe roboto. Oparun wà lára ilé gogoro ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun mélòó kan dúró níwájú. Igun ìsàlẹ̀ ti ya, ohun tó kù nínú àkọlé ni «DAHOMEY. — PORTO-NOVO. — La M». Ilé wo ni? Ìgbà wo ni wọ́n ya fọ́tò náà?

Ṣẹ́gun_Àjàṣẹ́

Ìyẹn ò le rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ta ló ń kọ́ ilé gogoro méjì bí kì í ṣe àwọn fadá? «La Mission» ni wọ́n kọ síbẹ̀ kí ó tó ya. Àwọn òyìnbó tó ń tẹ káàdì nígbà yẹn fẹ́ràn láti máa ya ilé àwọn fadá, ilé gómìnà àti ọjà. Àwọn aláṣọ funfun yẹn, àwọn katikísìtì ni.

Ìyá_Ìbejì_Ajárá

Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ tà á ni? Àbúrò mi kan wà ní Kútọnu tó máa ń ra nǹkan àtijọ́. Ó máa ń fún èèyàn lówó gidi bí káàdì náà bá ní sítáǹbù lẹ́yìn.

ỌmọWàǹdó

Rárá o, màmá. Mi ò tà á. Ohun ìní ìyá wa ni. Mo kàn fẹ́ mọ ilé tó jẹ́ ni. Kò sì sí sítáǹbù lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí i.

AdéFọ́tò

Àbúrò, o ṣeun tó o gbé e wá. Káàdì bí èyí ni mo ti ń kó jọ láti ìgbà èwe mi, mo sì ti rí i pé ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà jù ni pé ó máa ń fi ojú kan pinnu ilé. Ilé gogoro méjì kò sọ ṣọ́ọ̀ṣì fún wa, ní Àjàṣẹ́ pàápàá. Àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà dé kọ́ ilé bí wọ́n ṣe rí i ní Bàhíà, yálà ilé ìgbé ni, yálà ilé àdúrà. Mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà nítòsí ọjà ńlá wa, bí àlejò bá kọ́kọ́ rí i, ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò pè é. Nítorí náà «La Mosquée» wọ inú àkọlé yẹn dáadáa bí «La Mission» ṣe wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ká má méfò. Mú rúlà. Káàdì ìgbà yẹn sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14 ní fífẹ̀ àti 9 ní gíga. Kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí o sọ fún wa: láti etí òsì káàdì dé ibi tí lẹ́tà D àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, mélòó ni? Láti etí òsì kan náà dé òpin M tó kù, mélòó ni? Lẹ́tà kékeré a tó wà nínú «La», báwo ni ó ṣe fẹ̀ tó, pẹ̀lú àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

ỌmọWàǹdó

Mo ti wọ̀n ọ́n. Káàdì náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 14 gẹ́ẹ́. D bẹ̀rẹ̀ ní 3.7. M parí sí 9.2. Lẹ́tà a yẹn fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 1.8.

AdéFọ́tò

Ó dára. Àwọn tó ń tẹ káàdì sábà máa ń to àkọlé sáàárín gbùngbùn. Àárín káàdì rẹ jẹ́ 7. Bí àkọlé bá bẹ̀rẹ̀ ní 3.7, ó fi 3.3 jìnnà sí àárín lápá òsì. Ó yẹ kí ó parí ní 3.3 lápá ọ̀tún, èyí tó jẹ́ 10.3. M ti parí sí 9.2. Àyè tó kù fún ohun tó ya lọ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan àti mílímítà kan, ìyẹn mílímítà 11.

Wàyí o, lẹ́tà mẹ́fà ló kù nínú «Mosquée» lẹ́yìn M. Mẹ́fà lọ́nà 1.8 jẹ́ 10.8. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu pátápátá. «Mission» náà ní lẹ́tà mẹ́fà lẹ́yìn M, ṣùgbọ́n i méjì wà níbẹ̀, i kì í sì í ju ìdajì àyè a lọ. Nǹkan bíi mílímítà 9 ni yóò gbà. «Mission catholique» kò lè wọ̀ ọ́ rárá. «Maison» àti «Mairie» kúrú jù.

Ìyàtọ̀ mílímítà méjì nìyẹn, kò tó kí n fi búra. Àwọn tẹ̀wétẹ̀wé kan wà tí kì í to àkọlé sáàárín. Ó kàn ń tọ́ka sí apá kan ni.

Ṣẹ́gun_Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe dáadáa o, ṣùgbọ́n rúlà ò lè mú àgbélébùú kúrò. Wo orí ògiri àárín. Ibẹ̀ ni àgbélébùú máa ń wà.

ỌmọWàǹdó

Orí ògiri náà kò hàn tán, bọ̀dá funfun káàdì gé e. Mi ò rí àgbélébùú, mi ò sì lè sọ pé kò sí.

Alájì_Mùńtàkà

Àsàlámù alékùm. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi, mọ́ṣáláṣí yẹn ni bàbá mi ti máa ń kí Jímọ̀ọ̀. Ọba Tòfà ló kọ́ ọ fún àwọn Àgùdà. Tòfà fẹ́ràn àwọn Àgùdà, inú wọn ló ti mú àwọn tó ń gbà á nímọ̀ràn. Ẹ lè fi ìyẹn mọ ọjọ́ orí fọ́tò náà.

AdéFọ́tò

Alájì, a dúpẹ́. Òtítọ́ ni pé àwọn Àgùdà Mùsùlùmí sún mọ́ Tòfà. Àwọn ará ilé Paraíso wà lára àwọn tó ní ẹnu láàfin. Ṣùgbọ́n ọdún 1874 ni Tòfà gorí oyè, ọdún 1908 ni ó sì wàjà. Mọ́ṣáláṣí tí à ń wò lónìí, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. 1912 ni ọ̀pọ̀ máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ní ti ìparí rẹ̀, àwọn kan ń pè é ní 1925, àwọn mìíràn ń pè é ní 1935.

Alájì_Mùńtàkà

Hẹ̀n, 1925 ni èmi gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ti wà ní Àjàṣẹ́ ṣáájú ìyẹn o. Àwọn Yorùbá oníṣòwò ti ń kírun níbí kí àwọn ti Bùràsíìlì tó dé. Àwọn tó tibẹ̀ dé náà, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ rántí pé àwọn Mùsùlùmí ẹrú ló dìtẹ̀ ní Bàhíà lọ́dún 1835, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lé àwọn kan kúrò níbẹ̀, tí àwọn mìíràn sì fúnra wọn padà wá sí etíkun yìí. Ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí àti lèmọ́mù kò ṣàìdá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ọmọ onílé àti Àgùdà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má sọ pé mọ́ṣáláṣí kan ṣoṣo ló wà. Mọ́ṣáláṣí wà káàkiri ìlú.

AdéFọ́tò

Ọ̀rọ̀ tó wúlò gan-an lẹ sọ yẹn, Alájì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí a gbára lé àkọlé nìkan. Àwọn tó ń tẹ káàdì máa ń kọ orúkọ ìlú kan sábẹ́ fọ́tò ìlú mìíràn. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jìnnà, ẹni tó ń to lẹ́tà kò dé ibí rí.

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀. Fi sìkáànà rẹ sí 600 dpi, kí o gé ibi ẹsẹ̀ ògiri nìkan fún wa, láti ẹnu ọ̀nà dé igun.

ỌmọWàǹdó

Mo ti gbé e sókè. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, nǹkan dúdú kékeré kan tò sí ìlà lẹ́bàá ògiri. Mo kọ́kọ́ rò pé òkúta ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ di ńlá, mo rí i pé wọ́n ní ẹnu tó yọ síwájú àti ọwọ́ lókè. Lórí àtẹ̀gùn, àwọn nǹkan pẹlẹbẹ méjì-méjì wà, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà.

Alájì_Mùńtàkà

Búútà nìyẹn! Búútà àlùwàlá ni, ó ti tán. Bàtà sì ni ti orí àtẹ̀gùn. Kò sí katikísìtì tó ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣẹ́gun_Àjàṣẹ́

Ó dáa, mo gba ti búútà. Mọ́ṣáláṣí ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò sẹ́ni tó lè jà mí níyàn níbẹ̀.

AdéFọ́tò

Kò sẹ́ni tó máa jà ọ́ níyàn. Àwọn tó kọ́ ọ mọ ilé tí wọ́n ń wò ní Bàhíà.

Ó kù kí á mọ̀ bóyá mọ́ṣáláṣí yẹn gan-an ni. Àbúrò, Wàǹdó lo wà, kò jìnnà. Lọ́jọ́ tó o bá ráyè, lọ dúró níwájú rẹ̀, kí o wá ibi tí oníkámẹ́rà dúró sí. Bí o ṣe máa mọ̀ nìyí: nínú káàdì, wo ibi tí igun ilé gogoro ọwọ́ òsì fi bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Máa rìn sọ́tùn-ún sósì títí tí igun náà yóò fi bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bákan náà. Lẹ́yìn náà máa sún mọ́ ọn tàbí kí o máa jìnnà títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Ya fọ́tò tìrẹ níbẹ̀.

Má wo ọ̀dà. Àwọ̀ mèremère tó wà lára rẹ̀ báyìí, wọ́n ti kùn ún lákùntúnkùn, fọ́tò dúdú kò sì lè sọ àwọ̀ fún wa. Má wo ilẹ̀kùn, má wo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wo ohun tí ó ṣòro láti yí padà: iye fèrèsé ní ìpele kọ̀ọ̀kan, iye òpó tí wọ́n yọ sára ògiri láàárín fèrèsé sí fèrèsé, ibi tí ìlà sìmẹ́ǹtì tó yọ síta gba kọjá, bóyá ó wà lórí fèrèsé tàbí lábẹ́ rẹ̀. Kí o sì wọn fífẹ̀ ilé gogoro kan, kí o fi pín àyè tó wà láàárín méjèèjì. Ṣe bẹ́ẹ̀ lórí káàdì, ṣe é lórí fọ́tò tìrẹ. Èsì pínpín náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Má fi gíga wé fífẹ̀ o, torí pé kámẹ́rà tó bá gbójú sókè máa ń sọ gíga di kúkúrú.

Títí_Kétu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ yà bá yín. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá-bàbá wa wà ní Àjàṣẹ́, irú ilé Àgùdà kan náà. Ọdún àti lẹ́tà méjì wà lókè ilẹ̀kùn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì yọ ọ́. Lẹ́tà náà kì í ṣe ti orúkọ bàbá wa. Ẹbí ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó kọ́ ilé. Ṣé bí a bá fi ọ̀nà tí ẹ sọ yìí wo fọ́tò rẹ̀ a ó rí i?

AdéFọ́tò

Àǹtí, fọ́tò kò lè sọ ẹni tó ni ilé. Ọdún tó wà lókè ilẹ̀kùn pàápàá, ó lè jẹ́ ọdún tí wọ́n parí ojú ilé, ọdún tí wọ́n tún un ṣe, tàbí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí ẹni tó kú. Lẹ́tà méjì lè jẹ́ ti ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kí bàbá yín tó rà á. Nínú ìwé ni ẹ óò ti rí èyí. Láti 1906 ni òfin àwọn Faransé ti gbà kí èèyàn fi orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹbí kò ṣe é nígbà náà. Ẹ béèrè níbi ìwé ilẹ̀. Ilé ìkówèéìrántísí ti orílẹ̀-èdè wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ní Wàǹdó. Ẹ mú orúkọ àdúgbò àti ti àwọn alábàágbé lọ, nítorí orúkọ ẹni tó pààlà pẹ̀lú yín ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú ìwé.

Bíríkìlà_Ṣábẹ̀ẹ́

Èmi náà kí yín. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Títí, kí o tó lọ sí ìdí ìwé, ibi tí ojú ògiri ti jábọ́, wò ó. Ilé tí wọ́n fi amọ̀ mọ ní ìpele-ìpele máa ń fi ìlà gígùn hàn, ìlà náà kì í tọ́ dáadáa. Ti bíríkì tàbí bulọ́ọ̀kù máa ń gé ara wọn bí àpótí. Bí ara ilé bá jẹ́ amọ̀, tí ojú tó ní ọdún lára bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ilé lè ju ọdún yẹn lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni oparun inú káàdì yẹn. ỌmọWàǹdó, ṣé òpó oparun náà wà ní ẹsẹ̀ kan tàbí ní ẹsẹ̀ méjì?

ỌmọWàǹdó

Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Bíríkìlà_Ṣábẹ̀ẹ́

Wo ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé ògiri sókè, ẹsẹ̀ oparun kan ló sábà máa ń wà lóde. Igi tó dùbúlẹ̀, tí a ń tẹ́ pákó lé, orí rẹ̀ kan wà lórí oparun, orí kejì wọ inú ògiri. A máa ń fi ihò sílẹ̀ fún un bí a ṣe ń mọ ọ́n. A ó dí ihò náà bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti wà tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ tún un rẹ́, kò sí ihò mọ́. Ta ló máa lu ògiri dáadáa? Ẹsẹ̀ oparun méjì ni wọ́n máa rì, ọ̀kan sún mọ́ ògiri, ọ̀kan jìnnà, igi ìdùbúlẹ̀ á sì jókòó lórí méjèèjì láìfọwọ́ kan ògiri. Nítorí náà, bí o bá rí ẹsẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilé ń lọ sókè. Bí o bá rí méjì, wọ́n ń rẹ́ ojú rẹ̀.

Ohun kejì: ẹni tó ń rẹ́ ògiri, láti òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń tú oparun. Bí òkè ilé gogoro yẹn bá funfun, tí ìsàlẹ̀ sì dúdú, a ti ká wọn mọ́ ẹnu iṣẹ́ nìyẹn.

ỌmọWàǹdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Òkè rẹ̀ funfun lóòótọ́! Ìlàjì ìsàlẹ̀ dúdú. Ilé gogoro ọwọ́ òsì funfun látòkè dé ilẹ̀, kò sí oparun lára rẹ̀. Nípa ẹsẹ̀ oparun, mo rí méjì níbì kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè jẹ́ òjìji.

Bíríkìlà_Ṣábẹ̀ẹ́

Òjìji oparun tó bọ́ sára ògiri lè dúró gangan, nítorí náà ilẹ̀ ni kí o wò. Tí òjìji bá ni, ó máa wọ́ nílẹ̀ láti ẹsẹ̀ oparun kíní bíi ti àwọn òjìji yòókù nínú fọ́tò, kí ó tó gun ògiri. Wo òjìji àwọn ọkùnrin yẹn. Ṣé ibi kan náà ni ó kọrí sí?

ỌmọWàǹdó

Rárá. Òjìji wọn wọ́ lọ sósì. Ohun tí mo rí yẹn dúró gangan láti ilẹ̀, kò sí òjìji kankan tó wọ́ dé ìdí rẹ̀.

Bíríkìlà_Ṣábẹ̀ẹ́

Oparun kejì ni, nígbà náà. Wọ́n ń rẹ́ ẹ ni, wọn ò gbé e sókè mọ́. Ohun tó kù ni láti mọ̀ bóyá ìrẹ́ àkọ́kọ́ ni tàbí àtúnrẹ́. Ojo ibí yìí kì í jẹ́ kí ojú ògiri pẹ́. Wo apá tó dúdú yẹn. Bí ó bá jẹ́ ìrẹ́ àkọ́kọ́, bíríkì lásán lo máa rí, ìlà rẹ̀ á máa gé ara wọn. Bí ó bá jẹ́ àtúnrẹ́, òpó ara ògiri àti iṣẹ́ ọnà sìmẹ́ǹtì á ti wà níbẹ̀, kìkì pé ó ti dọ̀tí.

Ṣẹ́gun_Àjàṣẹ́

Kí ló dé tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

AdéFọ́tò

Nítorí pé ibẹ̀ ni ọdún wà, àbúrò. Bí ó bá jẹ́ ìrẹ́ àkọ́kọ́, fọ́tò náà bọ́ sí àárín ìgbà tí wọ́n ń kọ́ mọ́ṣáláṣí lọ́wọ́, àwọn fọ́tò irú ìgbà yẹn kò wọ́pọ̀. Ó tún lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn kan fi ń pe ìparí rẹ̀ ní 1925, tí àwọn kan ń pè é ní 1935. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kírun nínú ilé kan lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n parí òrùlé, kí ìyẹn náà sì yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n parí ojú rẹ̀. Ẹ wò ó pé bàtà ti wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí oparun ṣì wà lára ilé gogoro. Wọ́n ti ń lo inú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àtúnrẹ́, a lè máa wo ọdún 1930 tàbí 1940 o.

Ẹ̀yìn káàdì kò ràn wá lọ́wọ́. Àbúrò, ìlà kan gba àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àbí? Ọwọ́ òsì fún ọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún fún àdírẹ́sì?

ỌmọWàǹdó

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.

AdéFọ́tò

Ìparí ọdún 1903 ni àwọn Faransé tó gbà kí wọ́n pín ẹ̀yìn káàdì bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, àdírẹ́sì nìkan ló ń wà lẹ́yìn, iwájú lèèyàn ń kọ̀wé sí. Ó kàn sọ fún wa pé káàdì rẹ kò ṣáájú ìgbà yẹn. Ilé fúnra rẹ̀ ti mú wa wá sí ẹ̀yìn 1912 tẹ́lẹ̀.

ỌmọWàǹdó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ síbẹ̀. Mo bá àwọn tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí n tó yà á, wọ́n sì gbà mí láàyè. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí, mo ń rìn sọ́tùn-ún sósì títí igun fi bo igun. Mi ò lè jìnnà tó bí ti káàdì, wọ́n ti kọ́ nǹkan síwájú. Iye fèrèsé dọ́gba ní gbogbo ìpele. Iye òpó ara ògiri dọ́gba. Ìlà tó yọ síta gba abẹ́ fèrèsé òkè nínú méjèèjì. Mo fi fífẹ̀ ilé gogoro pín àyè àárín, èsì méjèèjì sún mọ́ra gan-an. Òun ni.

Ṣùgbọ́n apá tó dúdú yẹn ti sú mi. Mo fi sìkáànà sí 1200 dpi, mo tún fi sí 2400. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ di ńlá ni ó ń di tóótòòtó, bí ìgbà tí èèyàn wo fọ́tò inú ìwé ìròyìn. Mi ò rí bíríkì, mi ò rí òpó.

AdéFọ́tò

Tóótòòtó yẹn ni inkì. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ káàdì rẹ láti ara fọ́tò mìíràn, àmì kékeré-kékeré ni wọ́n fi tò ó. Ohun tó bá kéré ju àárín tóótó sí tóótó lọ kò sí lórí ìwé yẹn rárá, kò sí sìkáànà tó lè mú un jáde. Fi mọ sí 600, kò sí àǹfààní nínú èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a nílò ni fọ́tò tí wọ́n fi oògùn fọ̀ sórí ìwé fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í ní tóótó. Ibi tó bá dúdú jù lára rẹ̀ máa ń dán bíi fàdákà bí ó bá gbó.

Ìyá_Ìbejì_Ajárá

Ẹ dúró ná. Àbúrò mi ti Kútọnu tí mo sọ, mo fi àwòrán inú ìjíròrò yìí hàn án. Ó ní òun ní irú rẹ̀ kan nílé, ilé kan náà, igun kan náà, pẹ̀lú sítáǹbù. Ó ní ó ń dán.

AdéFọ́tò

Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í: sítáǹbù wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ni wọ́n yà sórí rẹ̀? Ǹjẹ́ oparun wà lára ilé gogoro ọ̀tún?

Ìyá_Ìbejì_Ajárá

Ó ní ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ ló wà lórí sítáǹbù. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ti parẹ́, ọdún kò hàn. Kò sí oparun.

AdéFọ́tò

Sítáǹbù agunọ̀pẹ ti Dàhòmì, 1913 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, wọ́n sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò lè fún wa ní ọdún kan pàtó. Ṣùgbọ́n pé kò sí oparun jẹ́ ohun tó dára, a ó lè wo ibi tó dúdú nínú ti àbúrò láìsí ohun tó bò ó. Bí fọ́tò ti Kútọnu bá ṣáájú ti àbúrò, tí iṣẹ́ ọnà sì ti wà nísàlẹ̀ ilé gogoro ọ̀tún, àtúnrẹ́ ni àwọn olóparun yẹn ń ṣe. Bí bíríkì lásán bá wà níbẹ̀, ìrẹ́ àkọ́kọ́ ni.

Bíríkìlà_Ṣábẹ̀ẹ́

Bí ó bá wá jẹ́ pé ti Kútọnu ló dé lẹ́yìn ńkọ́? Ó máa funfun látòkè délẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ wo àwọn ohun mìíràn nínú rẹ̀ náà. Bí igi kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí nínú méjèèjì, ẹ wo èyí tó ga jù.

ỌmọWàǹdó

Igi kan wà nínú tèmi, lápá òsì, kò tíì dé ìdajì ilé gogoro. Màmá, ẹ bá mi bẹ àbúrò yín kí ó ya ti rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn fún wa. Kó má fi fíláàṣì yà á, kí ó gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé, torí pé ó ń dán.

Ìyá_Ìbejì_Ajárá

Ó ní òun á yà á tí òun bá ti ọjà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè bóyá ìwọ náà á fi tìrẹ hàn òun tó bá wá sí Àjàṣẹ́.

ỌmọWàǹdó

Kí wọ́n máa bọ̀ o. Màá dúró dè wọ́n ní Wàǹdó.

Alájì_Mùńtàkà

Ẹ pè mí bí ẹ bá fẹ́ pàdé. Àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa tí bàbá rẹ̀ bá wọn ru omi níbi iṣẹ́ yẹn. Ó ṣì ń gbọ́ràn dáadáa. Màá bi í bóyá bàbá rẹ̀ sọ fún un rí pé ilé gogoro kan ṣáájú èkejì.